Làádà àwọn tó ń bá wa tajà: ọ̀nà mẹ́rin tí olùpín ọjà kékeré lè gbà san án ní Àbújá

Bí àwa Yorùbá tí a ń pín ọjà ní Kubwa bá pàdé, ìbéèrè kan náà ni a sábà máa ń bi ara wa: "Èló lẹ ń san fún àwọn tó ń bá yín tà?" Ẹnì kan á ní ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, ẹlòmíràn á ní ₦300 lórí páálí kan. Oníkálukú á gbé iye tó gbọ́ lọ sílé, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í san án. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún kan ààbọ̀ kí n tó rí i pé iye owó kọ́ ló yẹ kí n kọ́kọ́ béèrè. Ohun tó yẹ kí n béèrè ni pé: kí ni aṣojú gbọ́dọ̀ ti ṣe parí kí làádà tó di tirẹ̀? Ṣé kí ọjà ti jáde nílé ìkẹ́rùsí ni, àbí kí owó ọjà ti wọlé?

Ọṣẹ, ọṣẹ ìfọṣọ lẹ́búlẹ́bú àti ohun ìfọyín ni mo ń pín. Àwọn aṣojú mi ń gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù ní Dutse, Bwari, Dei-Dei, Zuba àti Suleja. Mo ti lo mẹ́ta nínú ọ̀nà mẹ́rin tí mo fẹ́ fi wé ara wọn yìí, mo sì ti wo ọ̀kan tó kù lọ́dọ̀ ẹni tí a jọ ń lo ilé ìkẹ́rùsí kan. Èkíní ni kí a san làádà lórí páálí tó bá jáde. Èkejì ni kí a san án lórí owó tó bá wọlé. Ẹ̀kẹta ni kí aṣojú ra ọjà lọ́wọ́ ẹni, kó sì jẹ èrè tó bá lé lórí rẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni owó oṣù díẹ̀ pẹ̀lú làádà kékeré.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú páálí kan palẹ̀. Mo mú iye tó rọrùn láti ṣírò. Ẹ fi iye ọjà tiyín rọ́pò rẹ̀. Ká ní mo ra páálí ọṣẹ kan ní ₦18,000, mo sì ń tà á fún ṣọ́ọ̀bù ní ₦20,000. ₦2,000 ló lé lórí rẹ̀. Owó ọkọ̀ wá sí Kubwa, owó ọkọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù àti owó ilé ìkẹ́rùsí kó ₦700 nínú rẹ̀. Nítorí èyí tó máa ń ya, tí òjò máa ń pa, tàbí tí ó máa ń sọnù lọ́nà, mo ya ₦200 sọ́tọ̀. Ó ku ₦1,100. Inú ₦1,100 yìí ni èmi àti aṣojú ti máa jẹun. Bí mo bá fún un ní ₦500, ₦600 ló kù sí mi lọ́wọ́.

₦500 yìí jẹ́ 2.5% owó tí ṣọ́ọ̀bù san. Ẹni tó gbọ́ "ìdá márùn-ún" lẹ́nu ẹlòmíràn tó sì gbé e wá sórí ọjà báyìí, ₦1,000 ló ń san lórí páálí, ₦100 péré ló sì kù fún òun tó fi owó rẹ̀ sílẹ̀. Ìdá márùn-ún lè dára lórí ìpara àti lọ́fínńdà, níbi tí èrè ti fẹ̀. Lórí ọṣẹ, súgà tàbí omi inú ọ̀rá, ó ń jẹ ẹni tán ni. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí a ó fi wọn ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ni pé ṣé èrè orí páálí gbé e.

Ohun kejì ni pé ṣé aṣojú á rí nǹkan gbé lọ sílé. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, owó ọkọ̀ ló ń kọ́kọ́ jẹ nínú làádà. Ká ní aṣojú mi ń ná ₦2,000 lójúmọ́ láti ìhín dé Bwari àti padà, tó sì ń jáde ní ọjọ́ 24 lóṣù. Owó ọkọ̀ rẹ̀ di ₦48,000. Bí ó bá ta páálí mẹ́wàá lójúmọ́, ìyẹn 240 lóṣù, làádà rẹ̀ á jẹ́ ₦120,000, á sì ku ₦72,000 lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ mẹ́rin ló ń tà lójúmọ́, làádà rẹ̀ á jẹ́ ₦48,000 gẹ́lẹ́. Ọlọ́kọ̀ ló ṣiṣẹ́ fún. Ẹni bẹ́ẹ̀ yóò fọwọ́ kan owó ọjà láìpẹ́, bí kò tilẹ̀ jẹ́ olè, nítorí pé owó yẹn ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ebi dé. Kí ẹ tó gba aṣojú sí àdúgbò kan, ẹ ṣírò iye páálí tí àdúgbò náà lè gbà lóṣù. Bí kò bá tó láti gbé ẹnì kan, ẹ fi àdúgbò kejì kún un fún un.

Ohun kẹta ni ibi tí gbèsè máa ń wó lé. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ní ìhà ibí kì í san owó lójú ẹsẹ̀. Àwìn ni àwa ń pè é, àwọn Hausa ń pè é ní bashi, kò sì sí ẹni tó lè pín ọjà ní Suleja tàbí Mararaba kó ní òun kì í ṣe é rárá. Èmi kì í bá àwìn jà. Ohun tí mo ń bi ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ni pé: bí ṣọ́ọ̀bù kò bá san mọ́, ta ló máa mọ̀ ọ́n lára?

Ọ̀nà kìíní: làádà lórí ọjà tó jáde

Ọ̀nà yìí ló rọrùn jù. Páálí jáde, a kọ ọ́ sínú ìwé, ní ìparí oṣù a kà á, a sì san ₦500 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Aṣojú fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ó mọ iye tó ń bọ̀. Akọ̀wé kankan kò ní ṣàárẹ̀ lórí rẹ̀. Bí gbogbo ṣọ́ọ̀bù yín bá ń san kí ọjà tó jáde, ẹ má wulẹ̀ wá òmíràn.

Òun ni mo fi bẹ̀rẹ̀, òun náà ló sì kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́. Mo ní aṣojú kan tó gbọ́ Hausa dáadáa, tó mọ ènìyàn, tó ń tà ju gbogbo àwọn yòókù lọ. Mo ń fi í ṣe àpẹẹrẹ fún wọn. Lẹ́yìn oṣù kẹrin tó ti ń bá mi tà, mo lọ sí diipó láti lọ kó ọjà, owó mi kò tó. Mo jókòó ti ìwé mi ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo sì rí i pé owó mi wà lórí pẹpẹ ṣọ́ọ̀bù àwọn ènìyàn tí n kò mọ̀ rí. Nígbà tí mo pè é, tí mo ní kó bá mi gbà á, ó dá mi lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: "Àǹtí, ẹ má bínú. Ẹ̀yin lẹ ní kí n máa tajà. Ẹ ò ní kí n máa gba gbèsè."

Òótọ́ ló sọ. Ohun tí mo sanwó fún ló ṣe. Mo ti san làádà rẹ̀ lórí ọjà náà tán, kò sì sí ohun tí yóò rí gbà mọ́ bí ó bá padà lọ dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù náà nínú oòrùn. Ọjà tuntun ló ń mú owó wá fún un, nítorí náà ọjà tuntun ló ń gbé.

Ẹ wo ohun tí páálí kan tó sọnù sínú gbèsè ń ná ẹni. ₦18,000 ni mo fi rà á. Èrè tí mo ń rí lórí páálí kan lẹ́yìn làádà jẹ́ ₦600. Tí a bá pín in, ọgbọ̀n páálí ni mo gbọ́dọ̀ tà, kí owó gbogbo wọn sì wọlé, kí n tó dí ihò tí páálí kan yẹn gbẹ́, mi ò tíì ka owó ọkọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá ti ṣe ìṣirò yìí lórí ọjà tirẹ̀ kì í tún yára san làádà lórí ọjà tó jáde mọ́.

Àmì tí a fi ń mọ̀ pé ọ̀nà yìí ti ń ṣìnà hàn kedere nínú ìwé ọjà, bí a bá wò ó. Èkíní, ọjà máa ń jáde yàtọ̀ ní ọjọ́ márùn-ún tó kẹ́yìn oṣù, lẹ́yìn náà ni ìdápadà á pọ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù tuntun. Aṣojú ti bá ṣọ́ọ̀bù sọ̀rọ̀ pé kó gbà á mọ́ra títí wọ́n á fi san làádà. Èkejì, ṣọ́ọ̀bù kan náà ń gba ọjà kejì àti ẹ̀kẹta nígbà tí kò tíì san ti àkọ́kọ́. Bí ẹ bá rí méjèèjì lórí orúkọ aṣojú kan ṣoṣo, ẹ má dúró di ìparí oṣù.

Ọ̀nà kejì: làádà lórí owó tó wọlé

Èyí ni mo ń lò báyìí. Òfin rẹ̀ kúrú: làádà páálí kan kò tíì di tìẹ títí owó páálí náà yóò fi wọ àkáǹtì iléeṣẹ́. Ṣùgbọ́n òfin kúkúrú yìí ní ìrù gígùn, ìrù náà sì ni mo fẹ́ ká fara balẹ̀ wò.

Ohun tí mo fi kún un ni ọjọ́. Bí owó bá wọlé láàrin ọjọ́ 14 tí ọjà jáde, làádà pé: ₦500. Bí ó bá wọlé láàrin ọjọ́ 15 sí 30, ìdajì ni: ₦250. Bí ó bá ti kọjá ọjọ́ 30, kò sí làádà lórí rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n aṣojú náà ni yóò ṣì máa lọ béèrè rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù náà kò sì ní gba páálí kan sí i títí yóò fi san.

Ẹ jẹ́ ká gbé oṣù kan yẹ̀ wò. Aṣojú gbé páálí 240 jáde. Owó 150 wọlé láàrin ọjọ́ 14, ó gba ₦75,000 lórí wọn. Owó 50 wọlé kí ọjọ́ 30 tó pé, ó gba ₦12,500. Ṣọ́ọ̀bù dá 16 padà, kò gba nǹkan kan. Owó 24 ṣì wà níta. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦87,500. Ní ọ̀nà kìíní, ₦120,000 ni ǹ bá ti san fún un, n óò sì ti san án kí n tó mọ̀ pé 24 wà níta. Owó tí mo fi ra 24 yẹn jẹ́ ₦432,000. Bí gbogbo rẹ̀ bá sọnù, páálí 720 ni yóò dí i, ìyẹn oṣù mẹ́ta gbáko tí aṣojú yìí yóò fi máa tà láìsí èrè fún mi.

₦32,500 tí kò rí gbà yẹn kì í ṣe ohun tí mo fẹ́ jẹ mọ́ ọn lọ́wọ́. Inú mi ì bá dùn kí n san gbogbo rẹ̀. Ohun tó ṣe ni pé ó yí ọ̀nà ẹsẹ̀ rẹ̀ padà. Ní ọjọ́ kejìlá, aṣojú máa ń jí lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó jẹ gbèsè kó tó lọ wá oníbàárà tuntun, nítorí pé ₦250 lórí páálí kọ̀ọ̀kan ń bọ̀ wá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún. Èmi ni mo máa ń pè wọ́n tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, àwọn ni wọ́n ń pè mí: "Àǹtí, ẹ bá mi wò ó bóyá owó Alhaji ti wọlé."

Ibi tí ọ̀nà yìí ti máa ń dàrú nìyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sọ́kàn.

"Owó wọlé" gbọ́dọ̀ ní ìtumọ̀ kan ṣoṣo. Lọ́dọ̀ mi, ó túmọ̀ sí pé owó náà hàn nínú àkọsílẹ̀ àkáǹtì iléeṣẹ́ nígbà tí èmi fúnra mi ṣí i. Àléètì orí fóònù kì í ṣe owó. Àwòrán tíráńsífà tí ṣọ́ọ̀bù fi ránṣẹ́ sórí Wásáàpù kì í ṣe owó. Àléètì èké pọ̀ ní ìgboro, aṣojú tí kò mọ nǹkan kan sì lè gbé e wá pẹ̀lú ọkàn mímọ́. Bákan náà, owó kò gbọdọ̀ gba inú àkáǹtì aṣojú kọjá. Ọjọ́ tí owó ọjà bá ti wọ àkáǹtì rẹ̀ pẹ̀lú owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀, ẹ ti di méjì tó ń ná an. Bí ṣọ́ọ̀bù bá fẹ́ san kéèṣì, kí aṣojú kọ risíìtì ẹ̀dà méjì, kó sì san owó náà sí àkáǹtì iléeṣẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

Lẹ́yìn èyí, ẹ pinnu gbèsè tí owó kọ̀ọ̀kan ń pa. Ṣọ́ọ̀bù kan jẹ yín lórí ọjà ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn àti ti àná, ó wá san ₦100,000. Aṣojú á fẹ́ kí ẹ kọ ọ́ sórí ti àná kí làádà rẹ̀ lè pé. Ẹ kọ ọ́ sórí èyí tó pẹ́ jù, nígbà gbogbo, láìyẹsẹ̀, kí ẹ sì ti sọ ọ́ fún un kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ibí yìí ni ìjà ti máa ń ṣẹ́ jù, torí pé ó dà bí ẹni pé ẹ ń wá ọ̀nà láti rẹ́ ẹ jẹ.

Ó yẹ kí òfin náà dáàbò bo aṣojú pẹ̀lú. Bí èmi fúnra mi bá fi oṣù kan àwìn fún ṣọ́ọ̀bù kan nítorí pé a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, aṣojú kò gbọdọ̀ pàdánù lórí àánú mi. Làádà rẹ̀ pé nígbà tí owó bá wọlé. Bí ó bá jẹ́ pé ọjà tí mo kó fún ṣọ́ọ̀bù dín tàbí ó ya, tí wọ́n sì fi ìyẹn di owó mú, ọjọ́ kò ní bẹ̀rẹ̀ sí í sáré títí n óò fi tún un ṣe. Àwọn ṣọ́ọ̀bù tó wà ní ọjà tí wọ́n ń ná lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, mo fún wọn ní ọjọ́ 21 dípò 14, nítorí pé ìgbà méjì péré ni aṣojú lè rí wọn láàrin ọjọ́ 14.

Ọ̀rọ̀ ìdá nínú ọgọ́rùn-ún àti iye pàtó ńkọ́? Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí iléeṣẹ́ bá fi owó kún ọjà. Ká ní páálí ₦18,000 di ₦19,800, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù kò gbà ju ₦21,600 lọ. Èrè mi ti dín sí ₦1,800, àmọ́ 2.5% ti gòkè sí ₦540. Làádà ń ga sí i bí èrè mi ṣe ń kéré sí i. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2023 tí wọ́n ti jẹ́ kí ọjà fúnra rẹ̀ máa pinnu iye náírà sí dọ́là, irú ìyípadà owó báyìí ti ṣe wá léraléra. Nítorí náà iye náírà pàtó lórí páálí ni mo ń san, ọjà kọ̀ọ̀kan sì ní tirẹ̀. Mo ń fi ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tó lé lórí páálí ṣe òṣùwọ̀n: ₦2,000 mú ₦500 wá, ₦1,800 mú ₦450 wá. Ọjọ́ tí ìwé iye owó tuntun bá dé láti iléeṣẹ́, ọjọ́ náà ni mo ń tún tábìlì làádà kọ, tí mo sì ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ilé ìkẹ́rùsí. Kì í ṣe ìparí oṣù, nígbà tí wọ́n ti fi owó náà sọ́kàn.

Bí ẹ bá fẹ́ fi nǹkan kún un fún ẹni tó bá tà ju iye kan lọ, ẹ ṣọ́ra fún ohun kan. Ẹnìkan sọ fún àwọn aṣojú rẹ̀ pé ₦400 ni òun ń san, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọjá 200, ₦500 ni òun yóò san lórí gbogbo rẹ̀. Ẹ ṣírò ohun tí páálí kọkànlénígba, ìyẹn 201, mú wá fún aṣojú: ₦100 lórí 200 tí ó ti tà, àti ₦500 tirẹ̀, ₦20,500 lápapọ̀. Páálí náà fúnra rẹ̀ ₦20,000 ni. Aṣojú lè fi owó ara rẹ̀ rà á, kó gbé e lọ sílé, kó sì tún jèrè ₦500. Kí owó tó ga ju máa kan kìkì páálí tó bá lé lórí 200, wàhálà náà á tán.

Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo ń san. Ohun tó bá wọlé láti ọjọ́ Àìkú sí Sátidé, mo ń san án ní Mọ́ńdè. Ojoojúmọ́ kò dára, torí pé owó tó bá tó ₦10,000 tí a bá fi ránṣẹ́ ń fa ₦50 owó ìjọba nígbà kọ̀ọ̀kan, ìwé náà á sì máa pọ̀ jù. Oṣooṣù pẹ́ jù fún ẹni tó ń wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lójoojúmọ́. Bí aṣojú bá kúrò níṣẹ́, mo ń san làádà lórí gbogbo owó ọjà rẹ̀ tó bá wọlé láàrin ọjọ́ 30 lẹ́yìn tó lọ. Mo kọ èyí sínú ìwé àdéhùn, òun ló sì jẹ́ kí ẹni tó ń lọ ṣì máa bá mi pe àwọn tó jẹ gbèsè.

Ọ̀nà kẹta: kí aṣojú rà á, kó sì jẹ èrè orí rẹ̀

Èyí ni ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń lo ilé ìkẹ́rùsí ń ṣe. Ó ń ta páálí ọṣẹ yìí kan náà fún aṣojú ní ₦19,300, owó kí ọjà tó jáde. Ohun tí aṣojú bá tà á tiẹ̀ ni. Èrè ọ̀rẹ́ mi jẹ́ ₦1,300; aṣojú ló ń wá gbé e, nítorí náà ìnáwó rẹ̀ kò ju ₦400 lọ. Ó ku ₦900, kò sì sí gbèsè ṣọ́ọ̀bù kankan lọ́rùn rẹ̀. Lórí páálí kan ṣoṣo, ó sàn ju ₦600 mi lọ.

Ohun tí ó fi ń san án ni ìmọ̀ ọjà rẹ̀. Kò mọ ṣọ́ọ̀bù tó ń ra ọjà rẹ̀. Aṣojú kan ń tà á ní ₦20,800 ní Suleja, èkejì wọ ibẹ̀ ní ₦19,600, ṣọ́ọ̀bù sì ń bú orúkọ ọjà. Ọjọ́ tí aṣojú bá rí ẹlòmíràn tó dín ₦100 lórí rẹ̀, gbogbo oníbàárà ló bá a lọ. Lékè gbogbo rẹ̀, aṣojú tó ní ₦386,000 láti ra ogún páálí lẹ́ẹ̀kan kò pọ̀. Àwọn tó ní in ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di olùpín ọjà fúnra wọn. Ọjà tó ń tà díẹ̀díẹ̀ àti ibi tó jìnnà tí ẹ kò lè máa dé, bíi Lokoja tàbí Minna, ni ọ̀nà yìí wà fún.

Ọ̀nà kẹrin: owó oṣù díẹ̀ pẹ̀lú làádà

Ká ní ẹ ń san ₦60,000 lóṣù, pẹ̀lú ₦200 lórí páálí tí owó rẹ̀ bá wọlé. Ẹ fi wé ₦500 lórí páálí láìsí owó oṣù, ká gbà pé gbogbo owó wọlé lásìkò:

| Páálí lóṣù | Làádà nìkan | Owó oṣù pẹ̀lú làádà |
|---|---|---|
| 100 | ₦50,000 | ₦80,000 |
| 200 | ₦100,000 | ₦100,000 |
| 300 | ₦150,000 | ₦120,000 |

Páálí 200 ni ojú ìwọ̀n. Kí ó tó débẹ̀, owó oṣù ń ná yín jù. Bí ó bá kọjá rẹ̀, ó ń dín ìnáwó yín kù, ṣùgbọ́n aṣojú tó mọ ìṣirò, tó sì ń ta 300, yóò béèrè ìdí tí òun fi ń gba ₦30,000 tó dín. Bí ó bá jẹ́ pé 66 tàbí kéré jù bẹ́ẹ̀ ló ń tà, ₦1,100 orí páálí kọ̀ọ̀kan kò ní tó san owó oṣù àti làádà rẹ̀, ẹ̀yin lẹ ń sanwó kí ó lè máa bá yín tajà.

Síbẹ̀ ọ̀nà yìí nìkan ló tọ́ fún àdúgbò tí ẹ kò tíì ní oníbàárà kankan. Mo lò ó nígbà tí mo ń ṣí Zuba. Kò sí bí ẹnì kan ṣe lè fi làádà nìkan jẹun ní ibi tí ó ti ń fi oṣù méjì àkọ́kọ́ kí ènìyàn. Mo dá oṣù mẹ́ta fún un, mo sì kọ ọjọ́ tí owó oṣù yóò dópin sínú ìwé láti ọjọ́ kìíní, nítorí pé owó oṣù tí kò ní òpin máa ń di ẹ̀tọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń bẹ̀rù òfin, òfin owó oṣù tó kéré jù, tó di ₦70,000 ní ọdún 2024, kò kan iléeṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25, kò sì kan ẹni tí à ń fi làádà sanwó fún. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí ènìyàn wà lẹ́nu iṣẹ́ láti aago mẹ́jọ sí mẹ́fà lójoojúmọ́, tí ẹ kò sì jẹ́ kó bá ẹlòmíràn tà, ẹ má fi òfin yẹn bojú. Ẹ san ohun tó lè gbé e.

Ta ló yẹ kó mú èwo

Ẹni tí gbogbo oníbàárà rẹ̀ ń sanwó kí ọjà tó jáde, kó mú ọ̀nà kìíní, kó sì gbàgbé àwọn yòókù. Ẹni tó ń fi ọjà sílẹ̀ ní àwìn, tó sì fẹ́ mọ ṣọ́ọ̀bù tó ń ra ọjà rẹ̀, ọ̀nà kejì ni tirẹ̀, bí ó bá lè jókòó ti àkọsílẹ̀ àkáǹtì rẹ̀ fún wákàtí méjì lọ́sẹ̀. Bí kò bá lè jókòó tì í, kó má bẹ̀rẹ̀, nítorí làádà tí a ṣírò ní àṣìṣe lẹ́ẹ̀mejì yóò lé aṣojú rere lọ. Ẹni tí owó rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí páálí mẹ́wàá tó bá há síta lè ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, kó wá aṣojú tó ní owó, kó mú ọ̀nà kẹta, kódà bí kò bá mọ oníbàárà rẹ̀. Àdúgbò tuntun ni ẹ̀kẹrin wà fún, fún oṣù mẹ́ta, lẹ́yìn náà kó bọ́ sí ọ̀nà kejì.

Fún ẹni tó wà ní ọ̀nà kìíní báyìí tó fẹ́ kúrò níbẹ̀: ẹ sọ fún àwọn aṣojú ní oṣù kan ṣáájú, kì í ṣe ní ọjọ́ tí inú ń bí yín lórí gbèsè. Ẹ fún wọn ní ìwé tí orúkọ ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan àti gbèsè rẹ̀ wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì jọ fọwọ́ sí i. Ọjà tó bá ti jáde kí ọjọ́ tuntun náà tó pé, ẹ má gba làádà tí ẹ ti san lórí rẹ̀ padà. Èmi fi ₦200 kún un lórí gbogbo páálí gbèsè àtijọ́ tí aṣojú bá gbà wọlé láàrin ọjọ́ 60. Aṣojú mi tó ní n kò ní kí òun gba gbèsè yẹn, òun ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ padà.